Bí «ẹja» ṣe di «áº¹ja»: òǹkà oníméjì, onímẹ́wàá àti onímẹ́rìndínlógún

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìwé tí mo mú dání yìí, àkọsílẹ̀ oúnjẹ ni. Ìyá kan tó ń ta oúnjẹ ló ní kí n bá òun fi kọ̀ǹpútà kọ orúkọ oúnjẹ tí òun ń tà. Mo kọ ọ́ dáadáa: ẹja, ẹran, ẹyin. Mo fi fáìlì náà ránṣẹ́ sí àwọn tó máa tẹ̀ ẹ́. Ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde nìyí:

```
áº¹ja
áº¹ran
áº¹yin
```

Màmá wò ó títí, wọ́n ní, «Ọmọ mi, èdè wo lo kọ yìí?» Ojú tì mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé tí mo tún un wò, mo rí i pé wúruwùru náà létò. Ibi gbogbo tí «ẹ» wà, àmì mẹ́ta ló dípò rẹ̀, àmì mẹ́ta kan náà sì ni níbi gbogbo. Ohun tó bá ṣàdédé bàjẹ́ kì í bàjẹ́ lọ́nà kan náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ìṣirò ló wà nídìí ẹ̀. Ìṣirò yẹn ni a fẹ́ fọwọ́ ṣe lónìí, láti orí «ẹ» títí dé orí «áº¹».

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ẹ̀rù kúrò. Ẹni tó bá ń ka nǹkan ní Yorùbá ti mọ̀ pé mẹ́wàá-mẹ́wàá nìkan kọ́ ni èèyàn lè fi di ẹrù. Ogójì, ogún méjì ni. Ọgọ́ta, ogún mẹ́ta. Ọgọ́rin, ogún mẹ́rin. Bí ẹ bá ní ọgọ́ta iṣu, tí ẹ dì í ní ogún-ogún, ìdì mẹ́ta ni. Bí ẹ bá dì í ní mẹ́wàá-mẹ́wàá, ìdì mẹ́fà ni. Iṣu kò dín, iṣu kò lé. Bí a ṣe dì í ló yàtọ̀.

Òǹkà onímẹ́wàá tí a ń kọ lójoojúmọ́ ń di nǹkan ní mẹ́wàá-mẹ́wàá, nítorí náà ipò rẹ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún ń jẹ́ 1, 10, 100, 1000. Òǹkà oníméjì ń dì í ní méjì-méjì: 1, 2, 4, 8, 16, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, àmì tó sì ní kò ju 0 àti 1 lọ. Òun ni kọ̀ǹpútà ń lò, torí pé ohun tí wáyà inú rẹ̀ mọ̀ kò ju kí iná wà tàbí kí iná má sí. Òǹkà onímẹ́rìndínlógún ń dì í ní mẹ́rìndínlógún: 1, 16, 256, 4096. Àmì mẹ́rìndínlógún ló nílò, 0 títí dé 9 kò sì tó, ni wọ́n bá yá lẹ́tà mẹ́fà: A jẹ́ 10, B jẹ́ 11, C jẹ́ 12, D jẹ́ 13, E jẹ́ 14, F jẹ́ 15.

Ó dáa. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo lẹ́tà ayé ló ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú àkójọ tí wọ́n ń pè ní Yúníkóòdù. Ti «ẹ» kékeré ni `U+1EB9`. Onímẹ́rìndínlógún ni wọ́n fi kọ ọ́. Èló ni lójú tiwa? Ipò mẹ́rin ló ní, a ó fi àmì kọ̀ọ̀kan sọ iye ipò rẹ̀ di púpọ̀, a ó wá ro wọ́n pọ̀:

```
1 × 4096 = 4096
E: 14 × 256 = 3584
B: 11 × 16  =  176
9 × 1       =    9
              ----
              7865
```

«ẹ» ni lẹ́tà 7865. Bí ẹ bá kọ `ẹ` sínú ojú ewé HTML, «ẹ» ni yóò hàn. Bí ẹ bá sì tẹ `1eb9` sínú Word tí ẹ tẹ Alt pẹ̀lú X, òun náà ló máa jáde. Ọ̀nà méjì, iye kan.

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn láti 7865. Pípín ni a ó máa pín in sí 16, tí a ó máa tọ́jú ohun tó bá ṣẹ́ kù:

```
7865 ÷ 16 = 491, ó ku 9
 491 ÷ 16 =  30, ó ku 11 (B)
  30 ÷ 16 =   1, ó ku 14 (E)
   1 ÷ 16 =   0, ó ku 1
```

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú nìyí. Ìsàlẹ̀ ni a ti ń kà á lọ sókè: 1, E, B, 9. Ẹni tó bá kà á láti òkè yóò kọ 9BE1, èyí tó ju 39000 lọ. Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ kò le. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ pín in, ìdì mẹ́rìndínlógún ni ẹ ń dì. Ohun tó kù ni ẹyọ tí kò tó ìdì kan, ẹyọ sì ni ọwọ́ ọ̀tún pátápátá. Ẹni tó bá gbàgbé òfin náà lè fi ìyẹn rántí rẹ̀. Àṣìṣe kejì ni kíkọ 11 síbi tó yẹ kí B wà. Ipò kan kì í gba àmì méjì. Bí ẹ bá kọ 11, ẹ ti ti gbogbo ohun tó wà lósì kúrò nípò rẹ̀.

Kí a wá sọ ọ́ di oníméjì. A lè máa pín 7865 sí 2 títí tí yóò fi tán, ẹ̀ẹ̀mẹtàlá ni a óò sì pín in. Èmi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà àbùjá wà, torí pé 16 jẹ́ 2 × 2 × 2 × 2. Ìyẹn ni pé àmì onímẹ́rìndínlógún kan ṣe déédéé pẹ̀lú àmì oníméjì mẹ́rin, kò lé, kò dín. Ipò mẹ́rin yẹn jẹ́ 8, 4, 2, 1. E jẹ́ 14, ìyẹn 8 àti 4 àti 2, torí náà 1110. B jẹ́ 11, ìyẹn 8 àti 2 àti 1, torí náà 1011. 9 jẹ́ 8 àti 1, torí náà 1001.

```
   1    E    B    9
0001 1110 1011 1001
```

Bí ẹ bá ń bọ̀ láti oníméjì, ọwọ́ ọ̀tún ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í pín in ní mẹ́rin-mẹ́rin. Kọ̀ǹpútà sábà máa ń ju òdo iwájú nù, yóò kọ `1111010111001`. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti òsì yóò rí 1111, 0101, 1100, yóò sì ku 1 kan lọ́wọ́ rẹ̀. Yóò kọ F5C1, ìyẹn 62913. Báwo lẹ ṣe lè mọ̀ pé irọ́ ni? Ẹ ka àmì oníméjì náà: mẹ́tàlá ni. Nọ́ńbà tó ga jù tí àmì mẹ́tàlá lè gbé ni 8191. 62913 kò lè wọ inú rẹ̀.

Ní báyìí, a ti dé ẹnu ọ̀nà wàhálà màmá olóúnjẹ. Fáìlì kì í kọ 1EB9 sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Báìtì ló ń lò, báìtì kan sì jẹ́ àmì oníméjì mẹ́jọ. Ọ̀nà tí a fi ń tò ó, UTF-8, Ken Thompson àti Rob Pike ló gbé e kalẹ̀ ní 1992. Fún lẹ́tà tó wà níbi tí «ẹ» wà, báìtì mẹ́ta ni, àwòṣe rẹ̀ sì ti wà nílẹ̀:

```
1110xxxx 10xxxxxx 10xxxxxx
```

Àyè x jẹ́ 4, 6 àti 6. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 16. Àmì tiwa náà jẹ́ 16, bí a bá dá àwọn òdo iwájú padà. Ẹ má jẹ́ kí òdo yẹn sọnù o, torí àyè ni wọ́n ń dì mú. A ó tún un pín, kì í ṣe ní mẹ́rin-mẹ́rin mọ́, bí kò ṣe 4, 6, 6:

```
0001 111010 111001

11100001 10111010 10111001
  E1       BA       B9
```

Ẹ wo báìtì àkọ́kọ́: 1110 ni E, 0001 ni 1. Báìtì mẹ́ta, E1 BA B9. Ohun tí mo fi ránṣẹ́ nìyẹn, ohun tó sì dé ọ̀dọ̀ wọn nìyẹn. Kò sí báìtì kan tó sọnù lọ́nà.

Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ibẹ̀ ń ka fáìlì pẹ̀lú àkójọ àtijọ́ kan tó gbà pé báìtì kan, lẹ́tà kan ni. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. E1 jẹ́ 14 × 16 + 1, ìyẹn 225. Nínú àkójọ yẹn, 225 ni «á». BA jẹ́ 11 × 16 + 10, ìyẹn 186, òun ni «º». B9 jẹ́ 185, òun ni «¹». Ẹ tò ó pọ̀: áº¹. Ẹja wa rèé!

Nígbà tí mo padà lọ, mo ní kí wọ́n fi UTF-8 ṣí fáìlì náà, kí wọ́n má tún un kọ. Ẹja, ẹran, ẹyin jáde. Bí wọ́n bá ti tọ́jú «áº¹» bí ọ̀rọ̀ tuntun ni, ọ̀rọ̀ ì bá lọ́jú, torí «á» náà máa gba báìtì méjì tirẹ̀, a ó sì máa tú ìdì nínú ìdì.

Ẹni tó bá ní Python lè fi yẹ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wò. `\x` níwájú nọ́ńbà ń sọ pé onímẹ́rìndínlógún ni, `0b` ń sọ pé oníméjì ni:

```
>>> int("1EB9", 16)
7865
>>> bin(7865)
'0b1111010111001'
>>> "ẹ".encode("utf-8")
b'\xe1\xba\xb9'
```

Nígbà tí a dé ibi ìbéèrè, arábìnrin kan béèrè pé, «Ẹ̀gbọ́n, orúkọ mi ní «ọ», àmọ́ «á»» péré ni mo máa ń rí, àmì méjì. Níbo ni ìkẹta lọ?» Mo ní kí wọ́n jọ ṣe é lórí pátákó. «ọ» jẹ́ `U+1ECD`, ìyẹn 0001 1110 1100 1101. A pín in ní 4, 6, 6: 0001, 111011, 001101. Ó di E1 BB 8D. E1 ni «á», BB jẹ́ 187, òun ni «»». 8D jẹ́ 141, àkójọ àtijọ́ náà kò sì fi lẹ́tà kankan sí 141. Báìtì kẹta wà níbẹ̀, kò kàn ní ojú tí a fi lè rí i ni.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jókòó lẹ́yìn náà ní «áº¹Ì» ni tòun. Mo bi í pé, ṣé «ẹ́» ló wà nínú orúkọ rẹ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún «ẹ́» nínú Yúníkóòdù. «ẹ» ni, tí àmì ohùn òkè, `U+0301`, tẹ̀ lé e. 0301 jẹ́ 3 × 256 + 1, ìyẹn 769, báìtì méjì péré ló sì gbà, pẹ̀lú àwòṣe `110xxxxx 10xxxxxx`. Mo fún un ní ṣọ́ọ̀kì. Ó kọ 01100 àti 000001, ó fi wọ́n sí àyè wọn, ó kà á: CC 81. Ó ṣírò CC, 12 × 16 + 12, ó rí 204, ó wo àkójọ náà, ó rí «Ì». Kí ó tó dé orí 81, arábìnrin yẹn ti ń sọ láti ìjókòó rẹ̀ pé òun náà kò lójú.