Sààrì Tó Ń Gbéni Dé Mọ̀gàríbà

Àsàlámù àlékúmù, ẹ̀yin ará mi nínú ìsìn. Ẹ kú Jímọ̀, ẹ kú ààwẹ̀. Kí Ọlọ́hun gbà á ní iṣẹ́ rere lọ́wọ́ gbogbo wa.

Ilé ìdáná ni wáàsí tòní ń lọ. Ànábì wa Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ní ká máa jẹ sààrì, nítorí pé ìbùkún wà nínú rẹ̀. A ti gbọ́ hádíìsì yìí títí, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbé síwájú ara rẹ̀ ní ìdájí: búrẹ́dì funfun àti tíì tó kún fún ṣúgà, tàbí gàrí tí a bu omi tútù sí, ká sì tún padà lọ sùn. Tó bá fi máa di aago 11 àárọ̀, ojú ti ń ṣú, orí ń fọ́, a sì ti ń kanra mọ́ oníbàárà. A ó wá máa sọ pé ààwẹ̀ ọdún yìí mà le o.

Ọ̀dọ́mọkùnrin bíríkìlà kan ní àdúgbò wa wá bá mi lẹ́yìn ìrun Àílà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ Rámádánì. Ó ní, "Àlùfáà, ẹ má bínú, ṣé mo lè máa tú ààwẹ̀ lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá pọ̀? Kó tó di aago 12, ọwọ́ mi á ti máa gbọ̀n." Mo bi í pé kí ló fi ṣe sààrì. Ó ní ìdajì búrẹ́dì ńlá, tíì tí òun já ṣúgà 5 sí, àti ìgò mínírà kan kí agbára lè wà. Mo tún bi í pé aago mélòó ló jẹ ẹ́. Ó ní aago 3, kí òun lè rí oorun díẹ̀ sùn kí òun tó lọ síbi iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò, torí pé ti ọ̀pọ̀ nínú wa náà ni. Búrẹ́dì funfun àti ṣúgà kì í pẹ́ nínú ikùn rárá. Kíá ni wọ́n ń dà, tí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ á sì fò sókè. Ara á wá tú ohun kan jáde tí àwọn dókítà ń pè ní ínsúlínì, òun ló máa kó ṣúgà náà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Láàárín wákàtí 2 sí 3, èyí tó fò sókè ti wálẹ̀, ebi sì tún ti dé. Iná koríko ni: ó bù yẹ̀rì, ó kú. Ti ẹ̀wà kò rí bẹ́ẹ̀. Èèpo rẹ̀ àti èròjà amúaradàgbà tó wà nínú rẹ̀ kì í jẹ́ kó tètè dà. Díẹ̀díẹ̀ ló ń tú agbára rẹ̀ sílẹ̀ fún ara, bí iná igi ayìn ṣe ń jó. Ààwẹ̀ wa nílẹ̀ Yorùbá sì tó nǹkan bí wákàtí 13 láti àlùfàjárì títí wọ̀ oòrùn, nítorí náà iná igi ló yẹ ká dá.

Àdàlú ni mo ní kó lọ máa jẹ. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń ṣá ẹ̀wà tì ní sààrì torí pé ó máa ń fẹ́ wọn nínú, àmọ́ bí a ṣe ń sè é ló ń fa ìyẹn. Fún èèyàn 5, agolo mílíìkì 3 ẹ̀wà olóyin ti tó. Ẹ ṣà á, ẹ rẹ ẹ́ sómi láti ọ̀sán, ẹ da omi yẹn nù. Lẹ́yìn ìrun àṣámù, ẹ gbé e kaná, kó hó fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tún da omi náà nù, kí ẹ sì fi omi gbígbóná mìíràn sè é títí tó fi máa rọ̀. Púpọ̀ nínú ohun tó ń fẹ́ni nínú ti bá omi lọ nìyẹn. Rámádánì ti bọ́ sí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lásìkò yìí, àgbàdo tútù kò sí lọ́jà, nítorí náà àgbàdo gbígbẹ la máa lò, agolo kan ààbọ̀. Àárọ̀ ni kí ẹ ti rẹ òun sómi, kí ẹ sì kọ́kọ́ dá a sè kó rọ̀, torí pé kì í bá ẹ̀wà jinná pọ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ pò wọ́n pọ̀, kí ẹ fi ata, àlùbọ́sà, edé àti epo pupa sí i. Kí epo má pọ̀ o, ṣíbí ìbùkọ 2 tó fún gbogbo ìkòkò náà.

Ẹ mú hóró ẹ̀wà kan, kí ẹ fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́. Tí àárín rẹ̀ bá ṣì le, ẹ fi sílẹ̀ lórí iná, torí ẹ̀wà tí kò jinná dénú ni olórí ohun tó ń dá wàhálà sílẹ̀ nínú. Bí kò bá sí fíríìjì, ẹ má dé e pa nígbà tó ṣì gbóná. Ẹ tú u sínú abọ́ tó fẹjú kó tètè tutù, kí ẹ tó dé e. Ní ìdájí, ẹ jẹ́ kó hó dáadáa, ẹ má fi lílọ́wọ́ọ́rọ́ nìkan tẹ́ ara yín lọ́rùn. Tí ẹ bá ṣí i tí ó ti ń yọ́ fòfò tàbí tí òórùn kíkan ti gbà á, ẹ má jẹ ẹ́. Ẹni tí ìgbẹ́ gbuuru bá mú lẹ́nu ààwẹ̀ kò lè rí omi mu.

Ṣíbí ìbùkọ 3 àdàlú, ẹyin sísè kan, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan àti ife omi 2: ohun tí bíríkìlà yẹn ń jẹ báyìí nìyẹn. Kò sí mínírà níbẹ̀ mọ́. Ó sì ti kúrò ní aago 3. Nígbà tí Ànásì ọmọ Máliki bi Sàídì ọmọ Sábítì léèrè nípa sààrì tí Sàídì bá Ànábì jẹ, Sàídì ní àlàfo tó wà láàárín rẹ̀ àti ìpè ìrun kò ju ìwọ̀n ìgbà téèyàn máa fi ka áyà 50 lọ. Ìgbẹ̀yìn òru ni sààrì, kì í ṣe àárín òru. Ẹni tó jẹ ẹ́ ní aago 3, tí ládáánì sì pe Àsùbáà ní bíi aago 5 ààbọ̀, ti fi wákàtí 2 àti ààbọ̀ kún ebi ara rẹ̀, láìsí láádá kankan fún un.

Ẹni tí ẹ̀wà olódindi kò bá lára mu lè jẹ mọ́ínmọ́ín pẹ̀lú ẹ̀kọ tútù, torí pé a ti bó èèpo ẹ̀wà tirẹ̀ kúrò. Ará Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́ tó ní àmàlà ni sààrì òun, mi ò ní ká a lọ́wọ́ kò. Ẹ kàn dín òkèlè kù, kí gbẹ̀gìrì àti ewédú pọ̀, kí ẹja tàbí ẹran sì wà níbẹ̀. Ẹ̀wà náà kúkú ni gbẹ̀gìrì. Gàrí nìkan ni mo rọ̀ yín pé kí ẹ yẹra fún ní ìdájí, pàápàá ẹni tó ní ọgbẹ́ inú. Tó bá sì jẹ́ òun nìkan ló wà nílé, ẹ da ẹ̀pà sí i dáadáa, kí ẹ dín ṣúgà rẹ̀ kù.

Ẹ ṣọ́ iyọ̀. Máàgí, ẹja oníyọ̀ àti ṣínkáfà jọ̀lọ́ọ̀fù tó ṣẹ́kù láti àná, àwọn ló ń sọ ọ̀fun di gbígbẹ kí oòrùn tó yọ. Ìyẹn ló fà á tí mo fi sọ pé edé ni kẹ́ ẹ fi sí àdàlú, kí ẹ má tún da máàgí lé e.

Ó wá ku ìṣínu. Ànásì, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i, ròyìn pé dàbínù tútù ni Ànábì fi ń ṣínu kó tó kírun. Tí kò bá rí i, a fi gbígbẹ. Tí kò bá rí ìyẹn náà, a mu omi díẹ̀. Ẹ kíyè sí ètò yẹn. Lásìkò yẹn, ṣúgà ara ti lọ sílẹ̀, dàbínù mẹ́ta sì tó láti gbé e padà, omi á tu ọ̀fun, ìrun Mọ̀gàríbà á sì fún ikùn láàyè láti jí. Lẹ́yìn ìrun ni kí oúnjẹ gan-an tó dé: ife ẹ̀kọ mímu kan tó gbóná, kí ṣúgà inú rẹ̀ má pọ̀, pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín kan. Tí ọkàn bá fà sí àkàrà, ẹ jẹ́ kí epo gbóná dáadáa kí ẹ tó dá a sí i, torí àkàrà tó bọ́ sínú epo tí kò gbóná ń mu epo yó ni. Mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó.

Ohun tí à ń rí lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí yàtọ̀ sí èyí. Àkàrà bíi mẹ́wàá, pọ́ọ̀fùpọ́ọ̀fù, ìgò mínírà, ọsàn, bàrà, ìrẹsì, gbogbo rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 15. Nígbà tí àṣámù bá bẹ̀rẹ̀, a kò lè tẹ̀ síwájú Ọlọ́hun ní rúkúù láìmí gúlegúle. Ànábì sọ pé kò sí ohun èlò tí ọmọ Ádámà kún tó burú ju ikùn lọ, tó bá sì di dandan kó kún un, kí ó fi ìdá kan nínú mẹ́ta sílẹ̀ fún oúnjẹ, ìdá kan fún omi, ìdá kan fún èémí. Ẹ jẹ díẹ̀ lẹ́yìn Mọ̀gàríbà, kí ẹ jẹ ìyókù lẹ́yìn àṣámù tí ebi bá ṣì ń pa yín.

Omi náà ní ètò. Ẹni tó bá mu ife 5 ní ìdájí lẹ́ẹ̀kan náà, ìtọ̀ ló máa fi púpọ̀ nínú rẹ̀ tọ̀ kó tó di aago 8. Ẹ pín in: ife 2 nígbà ìṣínu àti oúnjẹ, 2 yí àṣámù ká, 2 kẹ́ ẹ tó sùn, 2 ní sààrì. Ẹ wo àwọ̀ ìtọ̀ yín lọ́sàn-án. Tó bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú, omi àná kò tó, ẹ fi kún un lálẹ́ òní.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹ rí dókítà yín kẹ́ ẹ tó gba ààwẹ̀, torí pé ó ṣeé ṣe kó yí àkókò tàbí ìwọ̀n oògùn yín padà. Tí ara bá ń gbọ̀n, tí òógùn tútù bo yín, tí ẹ̀rọ ìdánwò ẹ̀jẹ̀ sì fi hàn pé ṣúgà ti wálẹ̀ ju 70 mg/dL lọ, ẹ ṣínu lójú ẹsẹ̀, ì báà ku ìṣẹ́jú mélòó kan kí oòrùn wọ̀. Nínú Súrà Bákórà, áyà 184, Ọlọ́hun gba aláìsàn láàyè láti san án padà lọ́jọ́ mìíràn, ẹni tí àìsàn rẹ̀ kò sì ní jẹ́ kó lè san án yóò máa bọ́ tálákà kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá fẹ́ bọ́ ẹni náà, àdàlú yìí tó gbé lọ fún un.