Bíkìn tó rìn: bí mo ṣe fi onígun-mẹ́ta wá ààlà ilẹ̀ kan ní Ológunẹ̀rù

Ẹ káàbọ̀ o. Ìwé sọ́fè tí ẹ ń wò lójú fídíò yìí, èmi ni mo tún un yà. Mo ti yọ orúkọ àwọn onílẹ̀ kúrò. Iṣẹ́ yìí wáyé lẹ́yìn Ológunẹ̀rù, níbí ní Ìbàdàn, nígbà tí mo ṣì ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá mi tó ní ìwé àṣẹ sọ́fẹ́yọ̀.

Àwọn méjì ló jọ pààlà: Alájì kan àti Ìyá Aláṣọ. Alájì fẹ́ mọ fẹ́ǹsì. Bíríkìlà rẹ̀ ti to búlọ́ọ̀kù mẹ́rin láti ojú títì kí Ìyá Aláṣọ tó jáde, ló bá figbe ta pé wọ́n ti wọ ilẹ̀ òun. Bíkìn, ìyẹn òpó kọnkéré tí a ń rì sí igun ilẹ̀, tó yẹ kó wà lẹ́yìn, tí ì bá parí ìjà náà, kò sí níbẹ̀ mọ́. Kàtàpílà ti kọjá níbẹ̀, koríko sì ti bo gbogbo rẹ̀. Ọ̀gá mi ní, "Ìwọ, lọ wá a jáde. Mò ń bọ̀ tó bá dọ̀sán."

Ẹ wo àwòrán yìí. Bíkìn mẹ́ta ló wà lójú títì, lórí ìlà kan ṣoṣo. A jẹ́ ti Alájì, D jẹ́ ti Ìyá Aláṣọ, B ló wà láàrin, òun ni àwọn méjèèjì jọ ni. C ni èyí tó sọnù lẹ́yìn. Ìwé sọ́fè sọ pé láti A dé B jẹ́ mítà 15.24, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà 50 tí gbogbo wa mọ̀. B sí D náà jẹ́ 15.24. B sí C jẹ́ 30.50.

Igun tó wà ní B la kọ́kọ́ fẹ́. Ìwé kì í kọ igun fúnni, bẹ́árìn ló ń kọ, ìyẹn iye dígírì tí a kà láti àríwá lọ sí ọ̀tún. B sí A jẹ́ dígírì 265, B sí C jẹ́ dígírì 2. Ẹ yọ 265 kúrò nínú 2, yóò di òdì 263. Tó bá ti di òdì, ẹ fi 360 kún un. Ó di dígírì 97.

Ó yẹ kí n gbé ẹ̀rọ tó ń wọn igun sórí B, kí n wo A, kí n yí dígírì 97, kí n sì wọn 30.50 lọ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n tánkì omi Alájì dúró gbọnin lójú ọ̀nà náà. Mo ní kò burú, màá lọ sórí A, màá gba ẹ̀gbẹ́ kejì onígun-mẹ́ta náà wò ó. Tánkì yẹn ló gbà mí, torí kí n tó kúrò ní B, mo na téèpù irin láti A dé B, kí n ṣáà lè ní in lọ́wọ́. Ó fún mi ní 15.63.

Sẹntimítà 39 ló fi lé. Mo tún un wọ̀n, òun náà ni. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé oòrùn ló fa téèpù. Ní mítà 15, tí irin bá fi dígírì mẹ́wàá gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, kò tó mìlímítà méjì tó máa fi yàtọ̀. Bíkìn kan ló ti rìn.

Èwo nínú méjèèjì? Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ibí ni kí ẹ tẹjú mọ́: bíkìn méjì kò lè jẹ́rìí sí ara wọn, ẹ wá ẹ̀kẹta. Mo wọn A sí D, ó jẹ́ 30.49, ìwé sì sọ 30.48. Èyí dáa. B sí D jẹ́ 14.86. A àti D wà níbi tí wọ́n wà, B ló ti sún mọ́ ọ̀dọ̀ Ìyá Aláṣọ. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi àdá ha ìdí rẹ̀. Erùpẹ̀ pupa tó rọ̀ ló yí i ká, bíkìn náà sì ń mì. Àwọn tó gbẹ́ gọ́tà ló hú u, tí wọ́n wá rì í padà síbi tó wù wọ́n. Alájì pàápàá kò mọ̀.

Torí náà, iye inú ìwé ni mo fi ṣírò, kì í ṣe 15.63. A mọ ẹ̀gbẹ́ méjì àti igun tó wà láàrin wọn, òfin kósáìnì ló kàn:

```
AC² = AB² + BC² − 2·AB·BC·cos B
AC² = 15.24² + 30.50² − 2(15.24)(30.50)cos 97°
AC = 35.72
sin A = BC·sin B / AC
A = 57°56'41"
```

Kí ẹ tó tẹ ohunkóhun, ẹ tẹ sin 97 lórí kakulétọ̀ yín. Tó bá gbé 0.9925 jáde, ẹ máa bá a lọ. Tó bá jẹ́ 0.3796 lẹ rí, kakulétọ̀ wà lórí RAD, ẹ dá a padà sí DEG. Ìkejì, cos 97 jẹ́ òdì, nítorí igun náà ju 90 lọ. Òdì pàdé òdì, ó di àròpọ̀. Ẹni tó bá gbàgbé àmì yẹn yóò rí 32.39 dípò 35.72, yóò sì lọ gbẹ́ ilẹ̀ ní ibi tó fi mítà mẹ́ta kúrú.

Ó yá, ẹ̀rọ ti wà lórí A. Ibo ni màá kọjú òdo sí? Kì í ṣe B tó ti sún. Mo kọjú rẹ̀ sí D, torí ó jìnnà jù, ó sì dá mi lójú. Ọwọ́ òsì ni C wà sí ìlà títì, ẹ̀rọ sì ń kà sí ọ̀tún, nítorí náà mo yí i títí ó fi ka 302°03'19", ìyẹn 360 tí a yọ igun A kúrò nínú rẹ̀. Ọmọkùnrin tó ń bá mi gbé gíláàsì tí ẹ̀rọ ń wò rìn sẹ́yìn, mo ń pè é: "Wá síwájú díẹ̀... tún wá... dúró." 35.72.

A ṣán koríko, a gbẹ́. Nígbà tí ihò náà kò tíì dé orúnkún, àdá kan nǹkan líle. Ìdí bíkìn àtijọ́ ni, kàtàpílà ti ṣẹ́ orí rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n irin àárín rẹ̀ ṣì wà nínú sìmẹ́ńtì. Inú mi dùn, àmọ́ mi ò tíì pe ẹnikẹ́ni. Mo gbé ẹ̀rọ lọ sórí D. Ní ìhà yẹn, igun B jẹ́ 180 tí a yọ 97 kúrò nínú rẹ̀, ìyẹn 83, ìṣirò sì ní D sí C gbọ́dọ̀ jẹ́ 32.39. Mo wọn ọ́n sí irin yẹn, mo bá 32.40. Ìgbà yẹn ni mo tó pè wọ́n.

Ohun kan wà tí iṣẹ́ yìí kò lè ṣe. Ohun tó wà nínú ìwé ló ń dá padà sórí ilẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ìwé àwọn méjèèjì gun ara wọn, tí ẹbí onílẹ̀ ta ilẹ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì, kósáìnì kò mọ ẹni tó kọ́kọ́ sanwó. Kóòtù ló nìyẹn. Àmọ́ ìwé ti Alájì àti Ìyá Aláṣọ bára mu ní B àti C.

Ọ̀gá mi dé, ó tún gbogbo rẹ̀ wọ̀n fúnra rẹ̀, kò gba tèmi gbọ́ lásán. Lẹ́yìn náà la fi okùn nà án láti ibi tí B wà gan-an dé C. Búlọ́ọ̀kù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lápá Ìyá Aláṣọ. Alájì wò wọ́n fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Ìyá, ẹ má bínú. Mi ò mọ̀ pé ó ti rìn." Ìyá ní, "Ẹ ṣáà hú u." Bíríkìlà wá bèèrè lọ́wọ́ mi pé ta ni yóò san owó iṣẹ́ àná. Mo ká ẹsẹ̀ ẹ̀rọ mi, mo lọ po kọnkéré B tuntun.