Bí a ṣe ń tún ojú Wọ́sáàpù ṣe fún àgbà tí ojú ń rẹ̀

Ẹ káàbọ̀ o. Fóònù Áńdíróídì la máa lò. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ni fóònù jókòó tì yín, kó wọ jígí rẹ̀ tó bá ní, torí ojú tirẹ̀ la fẹ́ tẹ̀ lé.

Lẹ́tà la ó kọ́kọ́ ṣe. Ẹ ṣí Wọ́sáàpù, ẹ tẹ àmì kékeré mẹ́ta tó tò léra wọn lókè lápá ọ̀tún, ẹ tẹ Settings, lẹ́yìn náà Chats. Ẹ wá Font size, ẹ mú Large. Ẹ wá ṣí ṣáàtì kan, kí màmá kà á sókè, kí fóònù wà níbi tí wọ́n máa ń dì í mú sí.

Ibí yìí ló ti máa ń rú èèyàn lójú: lẹ́tà inú ṣáàtì nìkan ni Large ń mú tóbi. Orúkọ àwọn èèyàn tó tò lójú ewé àkọ́kọ́ kò ní yí padà, torí lẹ́tà fóònù fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Ẹ jáde sí Settings ti fóònù, ẹ wọ Display, ẹ wá Font size níbẹ̀, kí ẹ sún un sókè díẹ̀díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sún un jù, orúkọ á gé láàárín. Ẹ dá a padà díẹ̀.

Ó kan àwòrán ẹ̀yìn. Ẹ ṣí ṣáàtì, ẹ tẹ àmì mẹ́ta yẹn, ẹ mú Wallpaper. Lórí àwọn fóònù míì, Chat theme ló ń jẹ́. Àwọ̀ kan ṣoṣo tí kò ní òdòdó tàbí fọ́tò ọmọ ọmọ nínú ló dára jù. Mo mọ̀ pé fọ́tò yẹn á dun màmá, ẹ gbé e sí ojú fóònù dípò ibẹ̀. Ẹ má mú funfun gbòò o: funfun ni àpótí ọ̀rọ̀ tó ń wọlé, etí rẹ̀ kò ní hàn mọ́. Eérú tàbí búlúù tó ṣá díẹ̀ dára.

Ojú dúdú ló kù. Settings, Chats, Theme, ẹ mú Dark. Ó ń tu ojú lára lálẹ́, nínú yàrá tí iná ti kú. Àmọ́ kì í bá gbogbo ojú mu. Ẹ bi màmá bóyá lẹ́tà funfun náà ń tàn yòò, tí etí rẹ̀ sì ń dà pọ̀. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, Light ni kí ẹ dá padà sí, kí ẹ sì dín ìmọ́lẹ̀ fóònù kù. Nínú oòrùn náà, ojú dúdú ṣòro kà.

Ẹ má fi í sórí System default. Bí bátìrì bá lọ sílẹ̀ tí fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ lò, ó lè sọ gbogbo ojú rẹ̀ di dúdú, Wọ́sáàpù á sì tẹ̀ lé e. Màmá á pè yín pé fóònù ti bàjẹ́.