Okun o, Ẹ̀yin Tẹ́ Ẹ Wà Lókè Òkun

Bíbélì kíkà: Jeremáyà 29, ẹsẹ 1 sí 11

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé ní Kábbà, Mopa, Ìsánlú àti gbogbo agbègbè wa, ẹ jókòó ká jọ kà á. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà lẹ́yìn odi ni mo ń bá wí gan-an láàárọ̀ yìí.

Ohùn tí mo fi ránṣẹ́ sí yín ní ìdájí òní kò ju ìṣẹ́jú kan àtààbọ̀ lọ, ìyẹn 90 ìṣẹ́jú-àáyá. Àwọn kan ti fèsì pé, “Bàbá, ṣé ara yín yá?” torí wọ́n mọ̀ pé ẹnu mi kì í tètè sinmi lórí pẹpẹ. Ara mi yá. Ìdí tó fi kúrú ni ẹ̀kọ́ wa lónìí.

Lọ́dún tó kọjá, ìṣẹ́jú méje ni mo lò. Mo kí, mo kọrin, mo ka Sáàmù, mo wá fi ohùn òkè parí rẹ̀ pé, “Ọdún yìí ni ẹ ó padà wálé lórúkọ Jésù!” Inú ara mi dùn. Ní ọjọ́ kẹta, ọmọbìnrin wa kan tó ń tọ́jú àwọn arúgbó nílùú Ọba pè mí. Ó ní ibùdókọ̀ ni òun ti ń gbọ́ ọ, lẹ́yìn iṣẹ́ òru, tí òtútù ń jẹ òun níka, bọ́ọ̀sì sì dé kí n tó kí àwọn alàgbà tán. Ìgbà tó délé ló gbọ́ ìyókù. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, “Bàbá, ẹ ní màá padà wálé lọ́dún yìí. Kí n padà wálé wá bá ta ni?”

Oṣù kọkànlá la sin ìyá rẹ̀. Kò lè wá, torí ìwé ìgbélùú rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba ibẹ̀. Bó bá jáde, ó lè má rí ọ̀nà wọlé mọ́. Èmi ni mo ṣe ìsìnkú náà. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì gbàgbé nígbà tí àsọtẹ́lẹ̀ ń dùn lẹ́nu mi.

Látìgbà náà ni mo ti ń wọn ọ̀rọ̀. Tí mo bá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, tí mo sì ń mí bó ṣe yẹ, bí ọ̀rọ̀ méjì ló ń jáde lẹ́nu mi ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà 90 kò lè gbà ju nǹkan bí 180 ọ̀rọ̀ lọ. Mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo kà á sókè, fóònù ń ka àsìkò lórí tábìlì. Ìṣẹ́jú mẹ́ta. Mo yọ oyè mi kúrò, mo yọ kíkí ìgbìmọ̀, mo yọ orin. Ó ku ìṣẹ́jú méjì. Alàgbà kan tí mo kà á fún ní kí n fi gbólóhùn kan péré kún un nípa páànù òrùlé ìjọ, ó ní àsìkò tí ọkàn wọn rọ̀ nìyẹn. Òótọ́ ló sọ; ìdí tí kò fi yẹ náà nìyẹn. Ẹni tí àárò ilé ń sọ, a kì í gba ojú egbò rẹ̀ wọ àpò rẹ̀. Páànù á ní lẹ́tà tirẹ̀. Ẹ máa rí i gbà.

Ẹ wo Bíbélì tí a kà. Lẹ́tà ni Jeremáyà kọ láti Jerúsálẹ́mù sí àwọn tí Nebukadinésárì kó lọ sí Bábílónì ní ọdún 597 ṣáájú ìbí Jésù. Élásà ọmọ Ṣáfánì àti Gemaráyà ọmọ Hílíkíyà ló bá a mú un lọ, torí ọba rán wọn sí ọ̀nà ibẹ̀. Ẹsẹ 11, tó sọ̀rọ̀ nípa èrò àlàáfíà, la máa ń kọ sára kàlẹ́ńdà. Ẹsẹ 10 la kì í kọ. Ohun tí Ọlọ́run sọ níbẹ̀ ni pé ó di ìgbà tí àádọ́rin ọdún bá pé ní Bábílónì kí òun tó bẹ̀ wọ́n wò. Àádọ́rin ọdún! Àgbàlagbà tó gba lẹ́tà yẹn mọ̀ pé kò kan òun mọ́, àwọn ọmọ òun ló kàn.

Wòlíì mìíràn wà ní orí 28, Hananáyà lorúkọ rẹ̀. Òun sọ pé ọdún méjì péré ni, gbogbo wọn á ti padà dé. Ó já àjàgà igi kúrò lọ́rùn Jeremáyà lójú gbogbo èèyàn, ó sì dá mi lójú pé “Àmín” pọ̀ lọ́jọ́ náà ju tọjọ́ tí wọ́n ka lẹ́tà Jeremáyà lọ. Oṣù keje ọdún yẹn ni Hananáyà kú. Ẹ̀yin ará, èmi ni mo ṣe Hananáyà fún ọmọbìnrin yẹn ní ibùdókọ̀.

Kí wá ni Jeremáyà ní kí wọ́n ṣe? Ẹ kọ́ ilé, kí ẹ sì gbé inú rẹ̀. Ẹ gbin ọgbà, kí ẹ sì jẹ èso rẹ̀. Ẹ gbéyàwó, ẹ bímọ. Ẹ máa wá àlàáfíà ìlú tí ẹ wà, ẹ máa gbàdúrà fún un, torí inú àlàáfíà rẹ̀ ni tiyín wà. Mo mọ ọmọ wa kan tó ti ń sùn lórí àga ní pálọ̀ ẹlòmíràn láti ọdún mélòó kan, torí gbogbo owó rẹ̀ ń bá ilé oníyàrá mẹ́fà kan lọ nílé níbí. Èmi ni mo gbàdúrà sí ìpìlẹ̀ rẹ̀. Mo kọjá níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá: alángbá ni onílé. Mi ò ní kẹ́ni má kọ́lé sílé o. Mo ní kó ra bẹ́ẹ̀dì kó sùn lé lórí níbi tó wà, kó rí ìjọ tí wọ́n ti mọ orúkọ rẹ̀, kó sì gbin ẹ̀fọ́ sínú ike lójú fèrèsé bí ilẹ̀ ò bá sí. Ìyẹn kò sọ ọ́ di ẹni tó gbàgbé ilé.

Nígbà tí aago méjìlá òru lù níbí, aago mọ́kànlá ni ní Lọ́ńdọ̀nù, mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni ní Tòróńtò, àwọn tó wà ní Mẹ́bọ̀n ní Ọsirélíà sì ti jẹun àárọ̀ ọdún tuntun, torí aago mẹ́wàá ti lù níbẹ̀. Ṣé “ẹ káàárọ̀” ni mo fẹ́ kí yín ni, àbí “ẹ káalẹ́”? Mo rántí pé a ní ìkíni kan tí kò ní aago, tí wọ́n fi ń pe gbogbo wa lórúkọ, láti Yàgbà dé Ìjùmú, dé Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́, okun o. Ẹni tó ṣọ̀fọ̀, okun o náà ni. Òun ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo sọ nìyí, fún ẹni tí fóònù rẹ̀ kò gbà á:

“Okun o, ẹ̀yin ọmọ wa. Pásítọ̀ yín ni. Ọdún tuntun ti wọlé níbí. Ọyẹ́ mú, a kò rí orí òkè láàárọ̀. Kajú ti ń yọ òdòdó. Mi ò ní sọ fún yín pé ọdún yìí lẹ ó padà wálé. Ọlọ́run ló mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹni tó ń gbọ́ wa lábẹ́ òrùlé tó ń jò níbí ń gbọ́ yín nínú yàrá tí ẹ wà yẹn. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru, okun o. Ẹni tí kò tíì rí ìwé gbà, okun o. Ẹni tí òbí rẹ̀ lọ tí kò lè wá, okun o. A sin wọ́n dáadáa, a sì ti ro koríko ojú oórì wọn. Bí ẹkún bá ń gbọ̀n yín, ẹ sun ún. Àwọn tó jókòó létí odò Bábílónì sunkún, wọ́n sì wà nínú ìwé Sáàmù. Lẹ́yìn náà kí ẹ jẹun. Kí ẹ pe ẹnì kan tó wà nítòsí yín. A ó pe orúkọ yín lọ́kọ̀ọ̀kan ní àdúrà àárọ̀. Kí Olúwa bùkún yín, kí ó sì pa yín mọ́. Okun o.”

(Bẹ́ẹ̀ ni, òrùlé wọlé síbẹ̀. Ẹ dárí jì mí.)

Ìdájí ni mo gbà á sílẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìjọsìn. Bí mo ṣe dé ibi tí mo ti dárúkọ iṣẹ́ òru ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lu ríìmù ọkọ̀ tó so rọ̀ lórí igi máńgòrò, láti pe èèyàn sí àdúrà. Mo fẹ́ tún un gbà. Ọmọ mi tó di fóònù mú ní, “Bàbá, ẹ fi sílẹ̀.” Ẹni mẹ́tàlá ló ti fèsì. Mẹ́jọ nínú wọn kò sọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ tí mo fi ọ̀sẹ̀ kan wọ̀n, ohun tí wọ́n ń bèèrè ni pé, “Ṣé ríìmù yẹn náà ló ṣì wà níbẹ̀?” Òun náà ni. Ọmọbìnrin yẹn kò tíì fèsì. Mo rí i pé ó ti gbọ́ ọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, ẹ pè wọ́n lónìí. Ẹ má bèèrè owó.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

Olúwa, a dúpẹ́ pé ilẹ̀ mọ́ bá wa nínú ọdún tuntun, níhìn-ín àti níbi tí tiwọn kò tíì mọ́.

Baba, àwọn ọmọ wa tó ń tibi iṣẹ́ òru bọ̀ nínú òtútù, kí ọ̀nà wọn má yọ̀, kí bọ́ọ̀sì wọn má pẹ́, kí ilé tí wọ́n ń lọ gbóná.

Àwọn tí ìwé wọn wà lórí tábìlì ẹni tí kò mọ̀ wọ́n, jẹ́ kí ẹni náà ka orúkọ wọn pẹ̀lú àánú. Bí ìdáhùn bá pẹ́, má jẹ́ kí ọkàn wọn kọ́kọ́ kú.

Àwọn tí wọ́n wo ìsìnkú òbí wọn lórí fóònù, ìwọ tó sunkún létí ibojì Lásárù, jókòó tì wọ́n.

Àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀, tí ìyá àgbà ń bá sọ̀rọ̀ tí wọn ò gbọ́, Olúwa, jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ “okun o”. Ìyókù á máa tẹ̀ lé e.

Ẹni tó lówó tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ tó jẹ́ pé ọ̀nà wa ló ń bà á lẹ́rù, Baba, ṣọ́ ojú ọ̀nà yìí. Gba àwọn abúlé wa lọ́wọ́ àwọn tó ń jí èèyàn gbé, kí ọmọ lè rin ìrìn alẹ́ wọlé bíi ti àtijọ́.

Ìlú tí wọ́n wà, Olúwa, fún un ní àlàáfíà.

Lórúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.