Bọ́ọ̀lù tí a jù sókè: kí ni àmì àyọkúrò yẹn ń sọ fún wa?

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ṣe ní Ilé-Kétu fún àwọn ọmọ tó ń múra bakaloréà ni mo kọ sílẹ̀ yìí. Mi ò ní tò ó bí mo ṣe sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Ibi tó fa ariwo jù ni mo fẹ́ ká pẹ́ sí.

Mo mú bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì kan dání lọ. Mo ní kí ọmọkùnrin kan jù ú sókè tààrà ní àgbàlá, gbogbo wa sì gbójú sókè tẹ̀ lé e. Mo wá bi wọ́n pé: "Nígbà tí bọ́ọ̀lù dé òkè pátápátá, tó kù díẹ̀ kó máa bọ̀, kí ni ìyípadà ìyára rẹ̀?" Ọ̀pọ̀ wọn pariwo pé: "Òdo!" Àwọn bíi mẹ́ta ló dákẹ́. Àwọn tó dákẹ́ yẹn ló sún mọ́ òótọ́ jù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ so ọ̀rọ̀ díẹ̀ mọ́lẹ̀. Ipò ni ibi tí bọ́ọ̀lù wà. Ìyára, tí ẹ̀yin ọmọ lìsé ń pè ní fítẹ́ẹ̀sì, ni bí ipò yẹn ṣe ń yí padà bí àsìkò ṣe ń lọ. Ó ní ìwọ̀n, ó sì ní ìhà tó kọjú sí. Tí a bá mú ìwọ̀n rẹ̀ nìkan, tí a kò wo ìhà, eré ni mo máa pè é. Ìyípadà ìyára, ìyẹn akiselerasíọ̀n, ni bí ìyára fúnra rẹ̀ ṣe ń yí padà. Àṣìṣe tí mo máa ń rí nínú ìwé àwọn ọmọ kì í sábà jẹ́ ti ìṣirò. Eré àti ìyára ni wọ́n máa ń pò pọ̀ mọ́ra.

Ká ní bọ́ọ̀lù kúrò lọ́wọ́ ọmọ náà ní mítà 1,5 sókè ilẹ̀, tó sì ń lọ sókè ní mítà 14 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. (Láti ibí lọ, "àáyá" ni mo máa kọ fún ìṣẹ́jú àáyá.) Tí a bá ń ka gíga láti ilẹ̀ lọ sókè, ipò bọ́ọ̀lù nìyí:

h(t) = 1,5 + 14t − 4,9t²

1,5 ni ibi tó ti gbéra, 14 ni ìyára tí ọwọ́ fún un. 4,9 jẹ́ ìdajì 9,8, èyí tí òòfà ilẹ̀ ń yọ kúrò lára ìyára rẹ̀ ní àáyá kọ̀ọ̀kan.

Báwo la ṣe ń rí ìyára nínú ipò? Ẹ mú àáyá 1. Bọ́ọ̀lù wà ní mítà 10,6. Ní àáyá 1,1, ó wà ní mítà 10,971. Ó ti gun mítà 0,371 láàárín àáyá 0,1. Ẹ pín in, ẹ máa rí 3,71. Àmọ́ àárín àsìkò yẹn ti gùn jù, ìyára ti dín kù kó tó parí. Ẹ dín in kù: ní àáyá 1,01 ó wà ní mítà 10,64151, ìyẹn 0,04151 láàárín 0,01, tó jẹ́ 4,151. Bí ẹ bá ṣe ń dín àárín náà kù tó, bẹ́ẹ̀ ni èsì ń sún mọ́ 4,2. Iye tó ń sún mọ́ yẹn la ń pè ní deriféè. Tí ẹ bá ti lóye ibi tó ti wá, ẹ lè wá lo òfin tó wà nínú ìwé yín: iye tó dá dúró yóò kú, 14t á di 14, 4,9t² á di 9,8t.

v(t) = 14 − 9,8t

Ẹ fi 1 sí i, 4,2 ló jáde. Ẹ tún ṣe deriféè lẹ́ẹ̀kan sí i:

a(t) = −9,8

Kò sí t níbẹ̀ mọ́. Èyí fúnra rẹ̀ ti dá àwọn tó pariwo "òdo" lóhùn. Ìyípadà ìyára kò mọ̀ bóyá bọ́ọ̀lù ń gòkè, bóyá ó dé òkè, tàbí bóyá ó ń bọ̀. −9,8 ni, látìgbà tó ti kúrò lọ́wọ́ títí tó fi kan ilẹ̀.

Àmọ́ ọmọbìnrin kan kò gbà. Ó ní: "Mùsé, nígbà tó dé òkè, ṣebí ó dúró ni? Kí ló tún ń yí padà lára ohun tó ti dúró?" Ìbéèrè náà dára gan-an, torí ojú ló ń tàn wá jẹ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá àsìkò tí ó dé òkè. Ìyára rẹ̀ jẹ́ òdo nígbà tí 14 bá dọ́gba pẹ̀lú 9,8t, ìyẹn bíi àáyá 1,43. Gíga rẹ̀ nígbà náà jẹ́ mítà 11,5. Ẹ wo àáyá 0,1 ṣáájú ìgbà yẹn: ìyára jẹ́ +0,98. Àáyá 0,1 lẹ́yìn rẹ̀: −0,98. Láàárín àáyá 0,2, ìyára ti kúrò ní +0,98 bọ́ sí −0,98, ó fi 1,96 wálẹ̀. Ẹ fi 0,2 pín in, −9,8 náà ló jáde. Òdo kàn wà lójú ọ̀nà tí ìyára ń gbà kọjá ni, bí ẹni tó gba iwájú Àkàbà Ìdènà kọjá láìyà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ìyípadà ìyára náà di òdo lókè, tí ó sì wà bẹ́ẹ̀, ìyára tó ti jẹ́ òdo kò ní kúrò ní òdo mọ́. Bọ́ọ̀lù á rọ̀ sójú ọ̀run, ẹ ó sì máa wò ó títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ó rẹ́rìn-ín, ó jókòó. Àmọ́ kò tíì tán.

Èyí tó le jù ni gbólóhùn tí ọ̀pọ̀ ti há sórí: "àyọkúrò túmọ̀ sí pé nǹkan ń rọra." Irọ́ ni. Ní àáyá 2, bọ́ọ̀lù wa wà ní mítà 9,9, ìyára rẹ̀ sì jẹ́ −5,6. Ó ń bọ̀ nílẹ̀. Ìyípadà ìyára ṣì jẹ́ −9,8, eré rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i. Nígbà tó ń gòkè, −9,8 yìí kan náà ló ń dín eré kù. Àmì kan ṣoṣo, iṣẹ́ méjì.

Àmì kan nìkan kò tó, ẹ ní láti wo méjèèjì pa pọ̀. Bí ìyára àti ìyípadà rẹ̀ bá ní àmì kan náà, eré ń pọ̀. Bí àmì wọn bá yàtọ̀ síra, eré ń dín kù. Ẹ wo ọ̀nà Pobè sí Kétu. Ká ní a pe ìhà Kétu ní ìròpọ̀, ìhà Pobè ní àyọkúrò. Ọlọ́kadà sémìjáàn kan ń lọ sí Pobè, mítà 10 nínú àáyá kan, ìyẹn −10. Ó rí ewúrẹ́ níwájú, ó fún bíréèkì, lẹ́yìn àáyá 3 ó ti di −4. Kí ni ìyípadà náà? −4 yọ −10 kúrò, ó jẹ́ +6. Ẹ fi 3 pín in, +2. Ìròpọ̀ ni, síbẹ̀ ọ̀kadà ń rọra. Ẹni tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ mọ̀ ọ́n lára: ó ń ṣubú síwájú lé e lẹ́yìn, kò sí ẹni tó máa sọ fún un pé wọ́n ń sáré sí i.

Ta ló wá ní ká pe òkè ní ìròpọ̀? Àwa ni. Ọmọkùnrin kan nínú wọn rí èyí fúnra rẹ̀, kò kàn mọ ohun tó rí. Ó fi fọ́ọ̀nù ya fídíò bọ́ọ̀lù náà, ó wá ń ka ipò rẹ̀ lójú fọ́ọ̀nù, àwòrán kan tẹ̀ lé òmíràn. Nígbà tó ṣírò tán, +9,8 ló bá pàdé. Ó ní fọ́ọ̀nù òun ti bàjẹ́. Fọ́ọ̀nù rẹ̀ kò bàjẹ́ rárá. Lójú fọ́ọ̀nù, òkè ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí ka, wọ́n á máa kà wá sísàlẹ̀. Ká ní etí òkè àwòrán náà bọ́ sí mítà 11,5 gẹ́lẹ́, ohun tó ń kà nìyí:

y(t) = 10 − 14t + 4,9t²

Ìyára di −14 + 9,8t, ìyípadà rẹ̀ di +9,8. Níbẹ̀, bọ́ọ̀lù tó ń gòkè ló ní ìyára àyọkúrò. Gbogbo àmì ló yí padà, àmọ́ ẹ wo ohun tí kò yí: nígbà tí ó ń gòkè, àmì méjèèjì ṣì yàtọ̀ síra, nígbà tí ó ń bọ̀, wọ́n ṣì jẹ́ ọ̀kan. Àsìkò tí ó dé òkè ṣì jẹ́ 1,43. Nítorí náà, kí ẹ tó kọ fọ́múlà, ẹ ya ọfà kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ ìwé, ẹ fi hàn ìhà tí ẹ pè ní ìròpọ̀. Máàkì tí mo ti rí tó ṣòfò torí ọfà yẹn kò kéré.

Fọ́múlà wa ní ààlà tirẹ̀. Kò ka afẹ́fẹ́ sí. Fún bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì ní gíga báyìí, àṣìṣe náà kì í ṣe kékeré, ó sì tún pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ tí ẹ bá lo bọ́ọ̀lù ike fúyẹ́fúyẹ́ tí àwọn ọmọdé ń gbá: ẹ máa rí i pé ó padà dé ọwọ́ pẹ̀lú eré tó kéré sí èyí tí ẹ fi jù ú. Nínú fọ́múlà wa, +14 ló fi lọ, −14 ló fi padà dé mítà 1,5.

Bákan náà, −9,8 kò sí nígbà tí bọ́ọ̀lù ṣì wà lọ́wọ́. Bí ọwọ́ bá tì í láti òdo dé 14 láàárín mítà kan, ìyípadà ìyára rẹ̀ níbẹ̀ jẹ́ bíi +98, ìlọ́po mẹ́wàá ti òòfà ilẹ̀, ó sì kọjú sókè. Ìgbà tí ìka bá fi í sílẹ̀ ni àmì yí padà.

Lápá kejì, ó kan ilẹ̀ ní bíi àáyá 2,96, pẹ̀lú ìyára tó jẹ́ nǹkan bíi −15. Lẹ́yìn ìyẹn, ìwé ṣì lè gba kí ẹ fi 4 sí àyè t, ẹ máa rí mítà −20,9. Mo bi wọ́n pé níbo ni bọ́ọ̀lù wà nígbà náà. Wọ́n ń wo ara wọn. Ọmọbìnrin tó kọ́kọ́ takò mí ló dìde, ó ní: "Mùsé, ó máa jẹ́ pé etí kànga la ti jù ú."