Ẹ̀gẹ́ àrojẹ, ẹ̀gẹ́ àrotà: ta ni ewu pọ̀ lọ́rùn rẹ̀ jù?

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin àbúrò, ẹ kú ìkàlẹ̀. Wọ́n ní kí n wá sọ ìyàtọ̀ tó wà láàrin àgbẹ̀ tó ń roko jẹ àti èyí tó ń roko tà. Bí mo bá ní kí n kó gbogbo irè oko kalẹ̀, ilẹ̀ á ṣú mọ́ wa lórí. Nítorí náà, ẹ̀gẹ́ nìkan ni n óò mú, lórí hẹ́kítà kan ṣoṣo, ní apá ibi tí gbogbo wa mọ̀ lẹ́yìn Ìbàdàn: Akínyẹlé, Ìdó, títí dé ọ̀nà Ìjàyè. Hẹ́kítà kan kò tó éékà méjì àti ààbọ̀ tán, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí oníkálukú ń kó wọ oko. Àgbẹ̀ àrojẹ ní àdá, ó ní ọkọ́. Igi ẹ̀gẹ́ rẹ̀, inú oko ọdún tó kọjá ló ti gé e, tàbí kí aládùúgbò fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ọmọ àti ìyàwó ni òṣìṣẹ́, bí iṣẹ́ bá pọ̀, wọ́n á dá àárò. Ó gbin àgbàdo sáàrin ẹ̀gẹ́, ó fi ẹ̀gúsí bo ilẹ̀, ata sì wà létí ebè. Owó tó jáde lápò rẹ̀ kò tó nǹkan. Ohun tó ń ná ni agbára, agbára ọ̀hún kì í sì í tó nígbà tí koríko bá yọ. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni koríko ń pa ẹ̀gẹ́ lára jù. Bí ìyẹn bá kọjá tí ewé ẹ̀gẹ́ ti pàdé lókè, òjìji rẹ̀ ni yóò máa bá koríko jà. Àmọ́ oṣù mẹ́ta yẹn gan-an ni baálé ilé ń wá iṣẹ́ lébírà ṣe lóko ẹlòmíì kí ó lè rówó ra oúnjẹ.

Àgbẹ̀ àrotà ní tirẹ̀ á gba katakata láti tú ilẹ̀ àti láti fọ́ ọ. Á ra igi ẹ̀gẹ́ tó tó ọgọ́ta ìdì. Bí ìdì kọ̀ọ̀kan bá ní igi 50, tí igi kọ̀ọ̀kan gùn tó mítà kan, tí a gé e sí ọ̀nà mẹ́rin, 12,000 kéékèèké ni yóò jáde. Mítà kan sí mítà kan la ń gbìn ín, 10,000 ni yóò wọlẹ̀. 2,000 tó kù wà fún ibi tí kò bá hù. Á fọ́n oògùn apakoríko kété tó bá gbìn ín tán, kí koríko tó yọ. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, á fi ajílẹ̀ sí i, àpò mẹ́jọ sí méjìlá tó jẹ́ 50 kílò. Gbogbo owó yìí ló ti jáde kí ó tó rí gbòǹgbò kan.

Ti ìkórè ńkọ́? Ní oko àwọn àgbẹ̀ kéékèèké, tọ́ọ̀nù mẹ́jọ sí mẹ́wàá lórí hẹ́kítà kan kì í ṣe ohun tó burú. Ní oko tí wọ́n bá tọ́jú dáadáa, tọ́ọ̀nù 25 ṣeé ṣe. Àwọn èèyàn máa ń rò pé ajílẹ̀ nìkan ló fa ìyàtọ̀ yìí. Èmi ò gbà. Igi tí a gbìn ni mo kọ́kọ́ ń wò. Àìsàn kan wà tó ń mú kí ewé ẹ̀gẹ́ ní àmì rúsúrúsú, kí ó sì ká kò. Inú igi ló ń gbé láti ọdún dé ọdún, eṣinṣin funfun kékeré sì ń gbé e kiri. Bí ẹ bá rí i lára ewé àkọ́kọ́ pàá tó hù nísàlẹ̀, igi tí ẹ gbìn ló ti ní in tẹ́lẹ̀. Bí ewé ìsàlẹ̀ bá mọ́ tó jẹ́ ti òkè ló ká kò, eṣinṣin ló gbé e wá. Àgbẹ̀ tó ń gé igi láìwo ewé ń gbin àìsàn sọ́dún tó ń bọ̀. Mo sì gbọ́dọ̀ fi èyí kún un: ẹni tó bá wọn ẹ̀gẹ́ nìkan ń rẹ́ àgbẹ̀ àrojẹ jẹ, nítorí àgbàdo, ẹ̀gúsí àti ata rẹ̀ kò sí nínú tọ́ọ̀nù mẹ́jọ yẹn.

Láyé àwọn bàbá wa, tí ilẹ̀ bá ti gbó, wọn á fi í sílẹ̀ fún ọdún púpọ̀ kí igbó padà hù sórí rẹ̀. Ilẹ̀ ìdílé ti pín wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ báyìí, ilé sì ń jẹ oko etílé lọ. Ìsinmi ilẹ̀ ti di ọdún kan, òmíràn kì í tilẹ̀ sinmi rárá, ó sì hàn nínú ìkórè. Àgbẹ̀ àrotà kò ń fi ilẹ̀ sílẹ̀, ajílẹ̀ ló fi ń san gbèsè ohun tí ẹ̀gẹ́ kó jáde nínú ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó gún régé tí katakata lè yí nínú rẹ̀ ló ń fẹ́, irú ìyẹn ò sì rọrùn láti rí nítòsí. Ó di kó jìnnà sígboro, kó bá ìdílé dúnàádúrà, kó máa san owó ilẹ̀ lọ́dọọdún.

Ẹ wá jẹ́ ká dé orí ewu. Ká fi tọ́ọ̀nù ka owó dípò náírà, kí iye owó ọjà tó ń yí má baà dà wá láàmú. Àpẹẹrẹ lásán ni o. Ká ní gbogbo ìnáwó àgbẹ̀ àrotà jẹ́ owó tọ́ọ̀nù 12 ní iye tí wọ́n ń tà á lọ́jọ́ tó gbìn ín. Ó kórè 25. Èrè rẹ̀ jẹ́ tọ́ọ̀nù 13. Bí iye ẹ̀gẹ́ bá já sí ìdajì kó tó kórè, tọ́ọ̀nù 24 ni yóò tà kí ó tó rí owó rẹ̀ gbà. Tọ́ọ̀nù kan ló kù, lẹ́yìn ọdún kan. Àgbẹ̀ àrojẹ tó ná owó tọ́ọ̀nù kan àbọ̀ tó sì kórè mẹ́jọ, mẹ́ta ni yóò tà fún gbèsè ní iye tó já sí ìdajì yìí, márùn-ún á sì kù fún un. Yóò sì lè jẹ márùn-ún náà.

Nǹkan mìíràn tún wà. Bí ẹ̀gẹ́ bá ti kúrò nílẹ̀, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ló ní kí inú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Àgbẹ̀ àrojẹ ń wú ìdí kan lónìí, òmíràn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ilẹ̀ ni àká rẹ̀. Ẹni tó ní tọ́ọ̀nù 25 kò lè ṣe bẹ́ẹ̀: ọkọ̀ gbọ́dọ̀ dé, ẹni tó ń rà gbọ́dọ̀ ṣetán. Bí ó bá sì fi í sílẹ̀ dúró de ọjà, òjò tuntun á mú kí igi rúwé padà, sítáàṣì inú gbòǹgbò á sì dínkù. Ohun tó ń lọ sílé iṣẹ́ ni ìyẹn ń dùn jù.

Bàbá kan béèrè níjòókòó wa bóyá kí òun fi ti àrojẹ sílẹ̀ kí òun bọ́ sí ti àrotà. Mo ní kí wọ́n má fọwọ́ kan èyí tí ilé ń jẹ. Lórí éékà kan péré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí wọ́n gbin igi tó mọ́, kí wọ́n fi oògùn apakoríko sí i lásìkò, kí wọ́n sì bá àwọn tó ń yan gààrí sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gé igi àkọ́kọ́. Tí àwọn yẹn bá sọ oṣù tí wọ́n ń fẹ́ ẹ̀gẹ́, kí wọ́n ka oṣù méjìlá sẹ́yìn láti ibẹ̀, kí wọ́n sì wò ó bóyá òjò ń rọ̀ nígbà náà.