Ikọ̀ 11, ife-ẹyẹ kan: bí a ṣe ń tò wọ́n láìṣègbè

Ẹ kú ìjókòó. Ká sọ pé àwọn ọ̀dọ́ Ìlọrin fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù àdúgbò sí àdúgbò: Ọjà-Ọba, Gàm̀bàrí, Pàkátà, Sábó-Òkè àti àwọn yòókù. Ẹni tó bá fìdí rẹmi, ilé ló ń lọ. Ikọ̀ 11 ló forúkọ sílẹ̀.

Ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn alákòóso ni kó so wọ́n ní méjì-méjì, kí ẹni tó ṣẹ́kù sinmi. Ẹ wo ibi tó ń já sí. Ikọ̀ 10 gbá, ẹnìkan sinmi, ó ku 6. Àwọn 6 gbá, ó ku 3. Ẹnìkan tún gbọ́dọ̀ sinmi. Bí ó bá bọ́ sọ́wọ́ ikọ̀ tó ti sinmi lẹ́ẹ̀kan, ó dé àṣekágbá lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo, alátakò rẹ̀ sì lè ti gbá 3. Inú á bí ìyẹn, ẹjọ́ rẹ̀ sì tọ́.

Ìpele àkọ́kọ́ ni gbogbo ìsinmi yẹ kó ti parí. Ẹ ka 2, 4, 8, 16: èyí tó kọ́kọ́ gba ikọ̀ 11 ni 16. Ẹ yọ 11 kúrò nínú 16, ó ku 5. Ikọ̀ 5 ló máa gba báì, ìyẹn ni pé wọn ò ní gbá ìpele àkọ́kọ́. Àwọn 6 yòókù á gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 3. Àwọn 3 tó borí, pẹ̀lú àwọn 5 tó sinmi, di 8. Láti ibẹ̀, 4, lẹ́yìn náà 2, kò sẹ́ni tó ń ṣẹ́kù mọ́. Ẹni tó gba ife á ti gbá 3 tàbí 4.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá àtẹ yín pé, ẹ ka ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ inú rẹ̀. Ìkọ̀ọ̀kan ń lé ikọ̀ kan sílé, ikọ̀ 10 ló sì gbọ́dọ̀ lọ: 3, 4, 2 àti 1, ó pé 10.

Ibi tí ẹ gbé báì sí ṣe pàtàkì gan-an. Ẹ fún ikọ̀ ní nọ́ńbà 1 sí 11, bí wọ́n ṣe ṣe sí lọ́dún tó kọjá. Nọ́ńbà 1 sí 5 gba báì. 8 kojú 9, 7 kojú 10, 6 kojú 11. Ní ìpele kejì, 1 dúró de ẹni tó borí láàárín 8 àti 9, 2 dúró de ti 7 àti 10, 3 dúró de ti 6 àti 11, 4 sì kojú 5. Kò sí bí àwọn tó sinmi méjì ò ṣe ní pàdé níbẹ̀, torí báì 5 ni, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 4 péré ló sì wà. Ẹ fi 1, 4, 5, 8 àti 9 sí apá kan, kí àwọn yòókù wà ní apá kejì. 1 àti 2 ò ní pàdé àfi ní àṣekágbá. Bí ẹ bá kó báì 4 sí apá kan, ikọ̀ 4 ni yóò wà níbẹ̀, 7 á wà ní apá kejì.

Bí ẹ ò bá ní àbájáde ọdún tó kọjá, ẹ kọ nọ́ńbà sórí ìwé, ẹ ká a sínú igbá, kí balógun ikọ̀ kọ̀ọ̀kan mú tirẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ lẹ àtẹ mọ́ ara ògiri, kí kèké tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n má baà sọ pé ẹ tò ó fún ẹnìkan. Ẹ sì jẹ́ kí ọjọ́ bíi mélòó kan wà láàárín ìpele àkọ́kọ́ àti ìkejì, torí ẹsẹ̀ àwọn 3 tó kọ́kọ́ gbá ṣì máa ń wúwo.